Ẹja Tí Mo Gbé Wọ Inú Ọ̀rọ̀ Ìṣíde

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́, mi ò sì ní torí pé mò ń kọ̀wé kí n máa ṣe bí onínúure. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé kí n mú èrò mi wá ká jọ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ó nídìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, mo ronú ọ̀nà kan tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kò fi ní máa tò sínú oòrùn láti òwúrọ̀ tí wọ́n bá wá ṣe àyẹ̀wò. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, mo gbé e fún ọ̀gá mi. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pe gbogbo wa sípàdé, ọ̀gá mi dìde, ó ka ìwé mi láti òkè délẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe ní ìlà kẹta, ó kà á mọ́ ọn. Mo bá àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á fò. Bí mo ṣe dà nìyẹn.

Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù wọ́n débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, ọkùnrin kan tí mo kọ́ ní kọ̀ǹpútà nígbà kan rí wá bá mi ní ọ́fíìsì. Òun náà ti ní ibi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ báyìí, nínú ilé alájà kan nítòsí wa. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde, kó sọ ohun tó gbé e wá.

"Mà, a fẹ́ ṣe hákátọ́ọ̀nù."

Mo mọ̀ ọ́n. Ìdíje ni. Àwọn ọ̀dọ́ á kóra jọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ní mẹ́rin-mẹ́rin, ìkọ̀ kọ̀ọ̀kan á mú ìṣòro kan, wọ́n á fi kọ̀ǹpútà wá ojútùú sí i, wọ́n á wá gbé e síwájú àwọn adájọ́ lọ́jọ́ kẹta.

"Ẹ̀yin la fẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ ìṣíde, mà. Ẹ bá wa kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n wo àdúgbò wọn. Èyí tá a ṣe kọjá, ìkọ̀ mẹ́ta ló ṣe áàpù tí èèyàn á fi máa wá ibi tó máa páàkì mọ́tò sí. Kò sí ẹni tó ní mọ́tò nínú wọn, mà. Ọ̀kadà ni wọ́n gbé wá."

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní fọ́ọ̀mù tí àwọn olùdíje máa fọwọ́ sí. Ó ní ìwé ṣákálá ni. Mo ní kó fún mi ní ìwé ṣákálá náà. Mo kà á níwájú rẹ̀, bí mo sì ṣe dé ìlà kẹsàn-án, mo rí ohun tí mò ń wá: gbogbo iṣẹ́ àti èrò tí wọ́n bá mú wá síbi ìdíje yóò di ti àwọn olùṣètò.

"Kí lèyí?"

Ó na ọrùn wò ó. Ó ní ara ìwé ìdíje àwọn òyìnbó kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn ti dà á kọ, pé àwọn ò tilẹ̀ kà á débẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́. Ta ló ń da ìwé kọ tí kì í kà á? Àmọ́ mo ní màá wá. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi ẹnu mi pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ wá síbi tí wọ́n á ti kó ọpọlọ wọn lọ, ó yẹ kí n wà níbẹ̀ kí n fojú mi rí i. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ kí òun lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò. Mo ní tó bá débẹ̀, á gbọ́ ọ.

Ó wá ku ohun tí màá sọ. Ẹni tó fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wo àdúgbò wọn, òun náà gbọ́dọ̀ ní àdúgbò. Ní Sátidé tó ṣáájú ìdíje náà, mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, sọ́dọ̀ ìyá mi kékeré. Àbúrò ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹja tútù ló ń tà. Kòtè, ṣàwá àti pańlá rẹ̀ ni wọ́n fi rán mi níwèé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní géètì búlúù, ẹni tó ń lọ ata wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Firísà méjì ló wà níbẹ̀. Ìdérí ọ̀kan kì í pa dé mọ́, òkúta ló ń gbé lé e.

Ìgbà tí mo débẹ̀, kò síná. Ó di ọjọ́ kẹrin tí wọ́n ti mú un lọ. Ó ti fi àpò ìdọ̀họ bo firísà méjèèjì, ó tún tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lé àpò, ó sì jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n wákàtí kan péré ló ń tàn án lójúmọ́ torí epo.

"Màámi, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó ṣì dára?"

Ó wò mí bí ẹni tó bi òun bí èèyàn ṣe ń mí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn kòtè kan. "Bó bá ti ìka mi pa dà, ó wà. Bí ojú ìka mi bá dúró níbẹ̀, kò sí. Èyí tó wà láàárín, tó ti yọ́ àmọ́ tó ṣì tutù, mi ò ní dúró kó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kíá, orí iná. Màá yan án. Èyí tó bá ti kọjá ìyẹn, ilẹ̀ ni mò ń gbẹ́ sin ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sin odindi páálí kan. Mo sunkún."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mo sì ń kọ ọ́ sórí fóònù mi. Kò ní kí n má sọ ọ́ níta. Ta ló ń sọ ìyẹn fún ọmọ ẹ̀? Ó kàn bu ẹ̀bà fún mi, ó fi orí pańlá sí i torí ó mọ̀ pé orí ni mo fẹ́ràn, ó wá ń bi mí bí ọkọ mi ṣe wà. Nígbà tí mo ń pa dà sí Àkúrẹ́, inú mi dùn. Mo ti rí àdúgbò mi.

Ọjọ́ Fráìdè, gbọ̀ngàn náà kún. Wáyà iná gba ilẹ̀ kan bí ìtàkùn, àwọn ọ̀dọ́ jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé fóònù sókè, ó ń ká ohùn àti àwòrán mi sílẹ̀. Mo dúró. Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀ bí kò bá pa á, kó sì pa èyí tó ti ká rẹ́. Ojú tì í díẹ̀, ó fi fóònù sápò. Inú mi sọ pé á tún un ṣe.

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, mo gbé fọ́ọ̀mù náà sókè. Mo ní, "Ẹ ṣí i sí ìlà kẹsàn-án. Ta ló ti kà á?" Kò sí ẹni tó nawọ́. Mo kà á fún wọn. Mo wá yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó jẹ́ olùṣètò, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fa igi lé e." Níwájú gbogbo wọn, ó mú báírò, ó fagi lé e, ó sì ní kí kálukú fagi lé tirẹ̀ náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju bó ṣe yẹ lọ. Lójú ara mi, mo ti gba ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu kìnnìún.

Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ní ẹni tí kò ní mọ́tò kó má ṣe áàpù ibi ìpáàkì mọ́tò, ẹ̀rín sọ. Mo ní kí wọ́n bi ara wọn pé kí ló mú kí ìyá wọn kanra láàárọ̀ òní, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Mo ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lọ bá a, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n tó kọ ìlà kan ṣoṣo. Gbogbo èyí dára. Títí di òní, mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣíde ń fẹ́ àpẹẹrẹ, mo sì ní ọ̀kan. Mo ní, "Mo mọ ìyá kan ní Oǹdó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀." Mo wí bẹ́ẹ̀, mo tún wí i lẹ́ẹ̀kejì, torí mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àṣírí. "Ẹja ló ń tà, lódìkejì ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ní géètì búlúù, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń lọ ata. Firísà rẹ̀ kan, òkúta ló fi ń dé e." Mo sọ fún wọn nípa iná tó lọ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo rí i pé ojú wọn wà lára mi, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Mo wá fi iyọ̀ sí i. Mo ní, "Ẹja tó ti ń rùn, kí ló ń ṣe sí i? Ó ń yan án! Èmi àtẹ̀yin ń rà á, a ń fi jẹ ẹ̀bà, a ń ní adùn èéfín ni!" Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn náà kan. Ọmọbìnrin kan ń fi ọwọ́ lu tábìlì. Mo ní, "Ẹ lọ wá nǹkan ṣe sí i," mo sì jókòó.

Ẹja tó ṣì tutù ni Màámi wí. Èmi ló sọ pé ó ń rùn. Ẹ̀rín ni mò ń wá, mo sì rí i.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ wò wọ́n ní ọ̀sán, kì í ṣe torí àwọn olùdíje, torí olùṣètò ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tún fọ́ọ̀mù míì tẹ̀. Mò ń yẹ gbogbo tábìlì wò nígbà tí mo rí i pé ọ̀kan ṣófo. Mo béèrè. Wọ́n ní ìkọ̀ yẹn ti lọ sí Oǹdó láti àárọ̀.

Wọ́n dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ọmọbìnrin tó ń lu tábìlì ló ṣáájú wọn, eruku ọ̀nà wà lára bàtà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mà, a ṣe bí ẹ ṣe wí! A rí wọn!"

"Ẹ rí ta ni?"

"Màmá ẹlẹ́ja, mà."

Mo ní, "Báwo lẹ ṣe rí i? Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Ó wò mí, kò tilẹ̀ yé e. "Ẹ dárúkọ, mà. A bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, a ní à ń wá ìyá ẹlẹ́ja tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì onígéètì búlúù, nítòsí ẹni tó ń lọ ata. Ọlọ́kadà ò tiẹ̀ jẹ́ ká sọ ọ́ tán."

Ogójì ọdún ni mo ti ń lọ, tí mò ń bọ̀ ní ilé yẹn, mi ò gbọ́ rí kí aládùúgbò kankan pe ìyá mi kékeré ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ta ló láyà àtipe àgbàlagbà lórúkọ? Ìyá ẹlẹ́ja onígéètì búlúù ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi ìpàdé ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ tí mo fi pa mọ́, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èyí tí gbogbo ìlú mọ̀ ni mo dúró sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Kí lẹ sọ fún un?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, bíi mẹ́rin. Ó ní àwọn kí màmá, àwọn ṣàlàyé pé láti Àkúrẹ́ làwọn ti wá, pé àwọn fẹ́ ṣe áàpù tó máa ran ẹni tí ẹja ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn wá bi màmá pé ẹja tó ti ń rùn tí wọ́n ń yan, lẹ́yìn wákàtí mélòó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí yan án.

"Kí ló wí?"

"Wọ́n bi wá pé ta ló rán wa. A ní ẹ̀yin ni."

Mo pe fóònù ìyá mi kékeré. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún pè é. Nígbà kẹta, ó gbé e. Ó fi ojúlówó èdè Oǹdó sọ ohun kan sí mi tí mi ò ní kọ síbí, ó sì pa á.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn? Mo lọ bá olùṣètò. Mo ní òun ló fa gbogbo rẹ̀, pé ó ní láti jẹ́ pé àwòrán tó ká ni àwọn ọmọ náà fi rántí gbogbo nǹkan tí mo sọ, pé ó ti ń pín in kiri. Kò bá mi jà. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ṣí i, ó nà án sí mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, "Mo ti pa á rẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n pa á rẹ́, mà." Ó wá sọ fọ́ọ̀mù náà, pé òun ti kọ tuntun láàárọ̀, láìsí ìlà kẹsàn-án, kí n bá òun kà á wò. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò lè kà á. Mo ti fi ètè sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Olè tí mò ń ṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni. Bí ọ̀gá mi ṣe mú ọ̀rọ̀ mi láìtọrọ, tó dìde níwájú èèyàn tó kà á, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Ọ̀gá mi tilẹ̀ sàn jù mí. Kò fi kún un.

Àwọn ọmọ náà bi mí bóyá kí àwọn jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ ṣe ohun kékeré kan tí a máa fi sínú firísà, tí yóò máa tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí fóònù ẹni tó ni ín bó bá ti ń móoru, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó tan jẹnẹrétọ̀, kó má máa fi epo ṣòfò. Ó dára gan-an. Mo ní èmi kọ́ ni kí wọ́n bi, ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó ni ín, àti pé èmi gan-an ò bi í. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ fúnra wọn. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé nǹkan míì síwájú adájọ́, nípa bí èèyàn á ṣe máa rí ọkọ̀ láti Ọda wọ ìgboro Àkúrẹ́, wọn ò sì gba ipò kankan. Ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń dùn mí.

Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oǹdó ni mo wà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì onígéètì búlúù máa ń jáde tààrà sọ́dọ̀ ìyá mi kékeré ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á ra ẹja ọbẹ̀ ọ̀sán. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lọ ata, mò ń wò wọ́n. Wọ́n jáde. Wọ́n kí i, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n sì ń kọjá lọ. Obìnrin kan dúró, ó ṣí ìdérí firísà fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn. Ó ní òun ń bọ̀. Ìyá mi kékeré gbé òkúta pa dà sórí ìdérí.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mi ò mọ ohun tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí, pé àṣìsọ ni, pé mo fẹ́ ran àwọn èèyàn bíi tirẹ̀ lọ́wọ́ ni. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ṣé mo ní kí o ràn mí lọ́wọ́?"

"Rárá, Màámi."

"Ṣé mo ní ó ń rùn?"

"Rárá, Màámi."

"Dìde. Wá jẹun."

Ó ro ẹ̀bà. Ó bu ọbẹ̀, ó gbé orí pańlá sí i, òun fúnra rẹ̀ ló gbé abọ́ náà síwájú mi. Ara mi wálẹ̀. Mo rò pé ó ti tán, ìyá ni, ó ti fojú fò ó. Iná kò tíì dé. Mo fọ ọwọ́, mo mú ẹja náà, mo gbé e súnmọ́ ẹnu.

Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹja tí mo ti ń jẹ láti ọmọ ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi dá dúró níwájú imú mi, ìṣẹ́jú àáyá kan ni, bóyá kò tó bẹ́ẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀.

Mo gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ ti wà lára mi. Kò bínú mọ́. Ó nawọ́, ó fa abọ́ náà pa dà sí iwájú ara rẹ̀, ó bu orí ẹja náà sí méjì, ó fi ìlàjì sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wò mí, bí ó ṣe máa ń tọ́ oúnjẹ wò nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ara mi bá ń gbóná, tí mo bá ń kọ oúnjẹ. Lẹ́yìn tó gbé e mì, ó ti abọ́ náà pa dà sọ́dọ̀ mi.

"Jẹ ẹ́, ọmọ mi," ó ní. "Ó dára."